Okùn Fìlà Tó Bọ́ Sọ́wọ́ Ọ̀tún

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni mo ti wọ gáùn fún láì fi ìka kàn wọ́n. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn, ní ṣọ́ọ̀bù fótò kan ní Òṣíẹ̀lẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tó lọ sí Ìbàdàn, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí bí ìyàngbò. Ọ̀gá mi ló ń ya fótò. Èmi ni mo ń jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ìwé mẹ́wàá tí mo bẹ̀rẹ̀, mi ò kà á dópin, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mo ń fi gáùn wọ àwọn tó kà á kọjá ibẹ̀.

Àwọn tó máa ń wá bá wa ni àwọn tí ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́jáde fò dá. Òmíràn wà nídùbúlẹ̀ àìsàn lọ́jọ́ náà. Òmíràn, gáùn ò kárí. Nígbà tí wọ́n bá fi máa rántí fótò, ilé-ìwé á ti gba gáùn wọn padà. Wọ́n á jókòó níwájú ọ̀gá mi nínú aṣọ funfun, wọ́n á sì fi fótò ọ̀rẹ́ wọn tó wọ gáùn hàn mí lórí fóònù, wọ́n á ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ kó bá tèyí mu."

Kó bá a mu, òun gan-an niṣẹ́. Mi ò kì í mú gáùn orí ẹ̀rọ ayélujára. Ti ìlú òyìnbó ni, apá rẹ̀ yàtọ̀ sí tiwa. Fótò ẹlòmíràn láti ilé-ìwé kan náà, tí ọ̀gá mi yà, ni mo máa ń wá, kí àwọ̀ gáùn má bàa purọ́. Tí orí ènìyàn bá tẹ̀ díẹ̀, fìlà onígun mẹ́rin yẹn gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, kí igun iwájú rẹ̀ wà láàárín iwájú orí gan-an. Mo gbọ́dọ̀ fi òjìji díẹ̀ sábẹ́ fìlà, torí fìlà tí kò ní òjìji kò sí lórí ẹnikẹ́ni, ó kàn ń léfòó ni. Húùdù, aṣọ oyè tí wọ́n ń gbé kọ́rùn sórí gáùn, ló le jù. Etí rẹ̀ tóóró á kọjá lábẹ́ ọrùn níwájú, á gun èjìká méjèèjì, á sì já sẹ́yìn. Aṣọ inú rẹ̀ tó máa ń hàn létí èjìká ló ń sọ ẹ̀ka tí ènìyàn ti kẹ́kọ̀ọ́. Àwọ̀ ewé fún ẹ̀ka kan, àwọ̀ míràn fún òmíràn. Tí mo bá ṣi àwọ̀ yẹn mú, mo ti sọ dókítà di àgbẹ̀ nìyẹn.

Okùn tó ń fì lára fìlà, ó ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Ẹni tí wọn ò tíì fún ní oyè, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni okùn máa ń wà. Tí wọ́n bá ti fún un, wọ́n á gbé e lọ sí òsì. Mo mọ èyí dáadáa. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí pé mo mọ̀ ọ́n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ni Àlàájà kan wọlé pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin. Láti apá Ìtòkú ni wọ́n ti wá. Ẹ ò ní béèrè iṣẹ́ ìyá náà lọ́wọ́ rẹ̀, torí aró ti wọ inú èékánná rẹ̀, kò sì jáde mọ́. Ọmọ náà ti ẹ̀ka ọ̀sìn ẹran jáde. Ibà ni kò jẹ́ kó lè dé ibi ayẹyẹ náà. Ó ti ríṣẹ́ sí Òkè Ọya, níbi tí wọ́n ti ń sin adìyẹ, wọ́n sì ti ń retí rẹ̀.

Ọ̀gá mi ya fótò rẹ̀. Mo fi gáùn wọ̀ ọ́. Híjáàbù funfun tó wé mọ́rí jẹ́ kó rọrùn fún mi, torí kò sí irun tí mo máa máa gé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo kàn ki ìdí híjáàbù náà sábẹ́ etí húùdù. Mo fi aṣọ àwọ̀ ewé sínú húùdù, mo fi okùn fìlà sí òsì. Ó dára. Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mo mà jọ ọ̀gá o."

Ìyá rẹ̀ wo kọ̀ǹpútà títí. Ó ní, "Èkejì rẹ̀ dà?"

Mo rò pé ẹ̀dà fótò ló ń bèèrè. Mo ní, "Iye tẹ́ ẹ bá fẹ́ la máa tẹ̀, Màmá."

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Ìbejì ni wọ́n. Mo fẹ́ àwọn méjèèjì."

Mo bojú wo ẹ̀yìn bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀. Ọ̀gá mi ló fọwọ́ kàn mí léjìká. Ó dàgbà jù mí lọ, ó sì ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. A kì í sọ pé ìbejì kú. Ó rìnrìn àjò ni. Èkejì ọmọ yìí ti rìnrìn àjò nígbà tí èéyi ń jà, kó tó tó ọmọ ilé-ìwé.

Àlàájà ní, "Mùsùlùmí ni wá, a ò bọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti bí wọn, mi ò ra bàtà fún ọ̀kan kí n má ra fún èkejì. Èyí fẹ́ lọ sí ọ̀nà jíjìn báyìí. Kò ní lọ kí ìkejì rẹ̀ máa wò ó láti ẹ̀yìn pẹ̀lú aṣọ ọmọdé lọ́rùn. Tí àwọn méjèèjì bá ti wà lára ògiri mi pẹ̀lú gáùn, ó lè gbérù rẹ̀ lọ́jọ́ kejì."

Ọmọ náà ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Màámi, ibi iṣẹ́ ò ní dúró dè mí o."

"Ẹni tó bá ẹ wọnú ayé ló yẹ kó o dúró dè."

Mo bi wọ́n léèrè àwọ̀ tí n máa fi sínú húùdù ti èkejì. Àlàájà dá mi lóhùn kíá pé, "Kó bá ara wọn mu ni. Ìbejì kì í wọ aṣọ ọ̀tọ̀."

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. "Ọ̀sìn ẹran kẹ̀? Ta ló máa kà á? Ẹ ti gbàgbé ni? Adìyẹ́ máa ń lé e dénú yàrá!"

"Pa ẹnu ẹ mọ́ jàre. Ìwọ náà ò fẹ́ràn adìyẹ nígbà yẹn, àfi tó bá wà nínú ọbẹ̀."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Nínú ẹ̀rín yẹn ni mo ti ṣe ohun tí mo ṣe. Mo mú fótò tí mo ti parí, mo da ẹ̀dà rẹ̀ kọ, mo sì yí ẹ̀dà náà sódì, bí ìgbà tí ènìyàn bá wo ara rẹ̀ nínú dígí. Mo tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Àwọn méjèèjì kọjú síra wọn díẹ̀, ó sì rẹwà lójú.

Àlàájà fìka sórí kọ̀ǹpútà. "Èkejì rẹ̀ ò ní àpá." Ọmọ náà ní àpá kékeré kan lókè ojú òsì, níbi tó ti fi orí gbá àkàsọ̀. Lára èyí tí mo yí sódì, àpá ti bọ́ sókè ojú ọ̀tún. Mo pa á rẹ́. Ó parẹ́ mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ojú náà sì yípadà. Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́. Kì í ṣe ojú ọmọ tó dúró lẹ́yìn mi mọ́, kì í sì í ṣe ojú ẹnì kan tí ẹnikẹ́ni mọ̀.

Mo tún rí i pé ìmọ́lẹ̀ wá láti ẹ̀gbẹ́ òsì fún èyí, ó wá láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún fún tọ̀hún, bí ẹni pé oòrùn méjì ló ń ràn nínú yàrá kan. Mo rí okùn fìlà tó ti bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tún. Mo rí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà mìíràn ti dúró, okùn méjèèjì sì gún régé bẹ́ẹ̀ létí fótò níhìn-ín àti lọ́hùn-ún. Mo ní ta ni yóò mọ̀. A tẹ̀ ẹ́, a fi sí férémù, wọ́n sì gbé e lọ.

Kò pẹ́ tí Àlàájà fi padà wá. Òun nìkan ni. Ó fi àdìrẹ wé férémù náà bí ẹni wé ọmọ, ó sì gbé e sórí tábìlì ọ̀gá mi. Kò bínú. Ìbá sàn kó bínú.

Ó ní, "Ọmọ mi, kí ni wọ́n ń pe okùn ara fìlà yìí?"

Mo ti wo ọwọ́ ọ̀tún fìlà náà kó tó parí ọ̀rọ̀.

Ó ní ayálégbé kan wà nílé òun, tíṣà ni. Tíṣà yẹn ló wo fótò, tó sì bèèrè pé, "Àlàájà, kí ló dé tí wọn ò tíì fún èyí ní oyè tirẹ̀?" Ó ṣàlàyé òsì àti ọ̀tún fún un. Láti ìgbà náà, Àlàájà kò lè kọjá nínú pálọ̀ rẹ̀ mọ́.

"Ó ń dúró ni," ló wí. "Wọ́n pe àbúrò rẹ̀, wọn ò pè é. Bí mo bá ń kírun, ó ń dúró. Bí mo bá ń jẹun, ó ń dúró. Ojú rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ ẹnu ọ̀nà. Mo gbé e lọ sí ògiri kejì, ẹnu ọ̀nà náà ló tún ń wò. Báwo ni n ó ṣe jẹ́ kí èyí tó wà nílé jáde lẹ́nu ọ̀nà yẹn lójú rẹ̀? Mo ti ní kó tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀."

Mo wo fótò náà. Lóòótọ́ ni. Nígbà tó wà nínú kọ̀ǹpútà, bí ẹni ń wo ìkejì rẹ̀ ló rí sí mi. Nínú férémù yìí, ojú náà kọjá lára ìkejì rẹ̀, ó ń wo ibòmíràn. Ọmọ tí kò ṣẹ̀ mí ni mo dá dúró sílé pẹ̀lú okùn fìlà.

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Màmá, ẹ máà bínú. Èmi ni mo ṣe é. Mo máa gbé okùn yẹn lọ sí òsì báyìí-báyìí." Mo sì gbé e. Mo gé okùn náà yọ, mo kun ibi tó wà tẹ́lẹ̀, mo gbé e sí òsì, mo fi òjìji rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ híjáàbù. Àlàájà wò ó. Ó mi orí.

"Okùn ti tọ̀nà. Ẹni tó dé fìlà náà ni mi ò mọ̀."

Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà wá fúnra rẹ̀, ṣáájú ìyá rẹ̀. Mo rò pé èébú ló wá bù. Àga ló fà jókòó. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ò mọ bí wọ́n ṣe ya fótò àwa méjèèjì àkọ́kọ́, lọ́mọdé. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín."

Ó ní lẹ́yìn tí ìkejì òun rìnrìn àjò, ìyá òun mú òun lọ sọ́dọ̀ bàbá onífótò kan nínú ìlú. Bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Bàbá náà ní kí òun jókòó sí apá kan, ó ya òun. Ó ní kí òun dìde, kí òun lọ jókòó sí apá kejì, kó lè tẹ méjèèjì pọ̀ sórí ìwé kan.

"Ìyá mi wá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mi. Wọ́n ní, 'Ìwọ kọ́ ló jókòó síbí o. Òun ni. Má rẹ́rìn-ín, kì í rẹ́rìn-ín fún àlejò.' Mo ṣe ojú rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n ṣe, àbí kí ni mi ò mọ̀ nípa rẹ̀? Nígbà tí fótò jáde, àwa méjì la jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ẹnì kan ni. Èmi náà, ìgbà mìíràn wà tí mi ò mọ apá tí mo wà."

Ó wò mí. "Èyí tẹ́ ẹ ṣe yìí, èmi ni, tẹ́ ẹ yí sódì. Kì í ṣe òun. Ẹ jẹ́ kí n bá a jókòó."

Ọ̀gá mi gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ tó wà lọ́jọ́sí gan-an, kí ìmọ́lẹ̀ àwọn méjèèjì lè jẹ́ ọ̀kan. Ó gbé àga lọ sí apá kejì aṣọ tí a ta sí ògiri ẹ̀yìn. Ọmọ náà jókòó nínú aṣọ funfun kan náà, híjáàbù kan náà. Ó di ojú. Nígbà tó là á, èjìká rẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀. Ó da orí díẹ̀ síhà iná. Ẹnu rẹ̀ pa pọ̀ bí ti ọmọdé tí wọ́n ní kó kí ènìyàn, tí kò fẹ́ kí i.

Àkókò yẹn ni Àlàájà wọlé. Ó ti ṣí ẹnu láti kí wa. Kò kí wa. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn kò fẹ́ jí ọmọ.

"O ti dé," ló wí.

Ọ̀gá mi ń yà á lọ. Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe pẹ̀lú ọwọ́ mi. Mo bèèrè ohun tí iṣẹ́ mi ní kí n bèèrè. Mo ní, "Húùdù ńkọ́? Àwọ̀ wo ni kí n fi sí i?"

Mo retí pé Àlàájà ni yóò sọ pé ewé, kó bá ara wọn mu. Ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó ni èsì ti wá, ohùn náà sì kéré.

"Aró."

Àlàájà wo èékánná ara rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, lórí símẹ́ńtì.

Lẹ́yìn náà ló sọ fún wa. Ọmọ tó rìnrìn àjò yẹn, ìdí ìkòkò aró ni wọ́n ti máa ń wá a. Ó máa ń ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ọrùn ọwọ́. Àlàájà á fọ̀ ọ́, á nà án, ní ọjọ́ kejì yóò tún wà níbẹ̀. Ó ń fẹ́ mọ ìdí tí aṣọ fi máa ń jáde ní àwọ̀ ewé, tí atẹ́gùn á kàn fẹ́ sí i, tí á di aró. Ó ń bi gbogbo ènìyàn. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nígbà tí wọ́n sì tẹ́ ẹ sílẹ̀, aró ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀gá mi wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì wà ní ilé-ìwé náà, àwọ̀ búlúù ni aṣọ inú húùdù tiwọn. Àlàájà ní, "Ibẹ̀ ni ì bá lọ." Kò tún sọ̀rọ̀ ìbáramu mọ́.

Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà. Gáùn kan náà ni mo wọ̀ fún un, torí ilé-ìwé kan náà ni. Mo tẹ fìlà tẹ̀ lé orí tó dà síhà iná. Mo wá fótò ọmọ sáyẹ́ǹsì kan, mo wo bí búlúù rẹ̀ ṣe dúdú tó níbi tí aṣọ ti kákò, mo sì kùn ún bẹ́ẹ̀. Okùn, òsì. Mo ṣe é láì yí nǹkan kan sódì.

Ó ku àpá. Mo sún mọ́ ojú rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà kí n pa á rẹ́. Mo wá a lókè ojú òsì. Mi ò rí i. Mo wá a lókè ojú ọ̀tún, bí ẹni tí orí rẹ̀ dàrú. Kò sí. Ọ̀gá mi ní iná ló kọlu ibẹ̀ tí gbogbo rẹ̀ fi funfun, torí ó da orí síhà iná. Bóyá bẹ́ẹ̀ náà ni. Ọmọ náà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, àpá náà sì wà lójú rẹ̀ kedere.

Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ jáde, Àlàájà gbé e sórí itan. Ọ̀kan wọ ewé, ọ̀kan wọ aró, ìmọ́lẹ̀ kan ló tàn sára àwọn méjèèjì. Ó fi ìka kan okùn fìlà èyí, ó kan ti èyí. Ó ní, "Wọ́n ti pe ẹ̀yin méjèèjì." Ó wá yíjú sí èyí tó wà láàyè. "Ìwọ, lọ palẹ̀ ẹrù ẹ mọ́. Èyí tó máa bá mi gbélé ti wà nílé."

Ọmọ náà gbé orí lé èjìká ìyá rẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ló rẹ́rìn-ín, tí eyín rẹ̀ sì hàn. Mo mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe ìkejì rẹ̀.

Ọkọ̀ tó gbé e lọ kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù wa. Ó na ọwọ́ sí wa láti ojú fèrèsé. Àwa náà nawọ́.

Férémù àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́dọ̀ wa. Mo bèèrè lọ́wọ́ Àlàájà ohun tí ká ṣe sí i. Ó ní, "Èkejì tó wà níbẹ̀ yẹn kì í ṣe ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹ má fà á ya o. Ènìyàn ti wò ó bí ènìyàn." Ọ̀gá mi kọjú rẹ̀ sí ògiri lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Oníbàárà tó bá jókòó nítòsí rẹ̀ máa ń ní ó dà bí ẹni pé ẹnì kan wà lẹ́yìn òun.

Èmi ni mo mọ ohun tó wà níbẹ̀. Èmi ni mo dá a. Ẹnì kan tí kò ní àpá, tí kò ní ìyá, tó wọ húùdù ẹlòmíràn, tí oòrùn tirẹ̀ sì ń ràn láti ẹ̀gbẹ́ òdì. Mo dá a torí pé mò ń kánjú, mo sì fi í sílẹ̀ lórí ìlà àwọn tó ń dúró de oyè, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní pè é. Okùn tí mo gbé lọ sí òsì lójú Àlàájà lọ́jọ́ yẹn, inú kọ̀ǹpútà ló wà, a kò tẹ̀ ẹ́ jáde.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí ọ̀gá mi kò tíì dé, mo tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò sẹ́ni tó rán mi. Mo gbé férémù sọ̀ kalẹ̀, mo yọ ti àtijọ́, mo fi èyí tí okùn rẹ̀ wà lósì sí i, mo sì dá a padà sáyè rẹ̀. Mi ò kọjú rẹ̀ sí ògiri mọ́.